Kóló tó ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù: èló ni gbogbo rẹ̀?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo. Mo fẹ́ máa fi owó sínú kóló láti oṣù kìíní: ₦500 lóṣù àkọ́kọ́, ₦1,000 lóṣù kejì, ₦2,000 lóṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọdún á fi parí. Ọmọ mi tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní ₦2,047,500 ni yóò jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tí ìsọ̀ wa jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ní ₦1,024,000 ni. Alájọ wa ní ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ta ni kí n gbà gbọ́? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é láìjókòó máa rò ó pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ọmọ yín ló gbà á: ₦2,047,500 ni, kò lé, kò sì dín. Ṣùgbọ́n ẹ má ì tíì dá ọ̀rẹ́ yín àti alájọ lẹ́bi. Ìbéèrè mìíràn tó jọ tiyín ni ọ̀rẹ́ yín dáhùn, alájọ sì mú òfin tó tọ́ fún àjọ mìíràn wá sórí tiyín. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, àṣìṣe méjèèjì yìí ni mo ń rí jù lọ nínú ìwé wọn, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a tú wọn wò dáadáa kí a tó débi ọ̀nà àbùjá tí ẹ ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to owó náà sílẹ̀ bí ẹ ó ṣe máa fi í sínú kóló, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá: 500, 1,000, 2,000, 4,000, 8,000, 16,000, 32,000, 64,000, 128,000, 256,000, 512,000, 1,024,000. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú níbẹ̀, tí ẹ bá fi èyí tó ṣáájú rẹ̀ pín in, 2 ni yóò fún yín. 2 yẹn ni mo máa pè ní ìlọ́po. Níwọ̀n ìgbà tí ìlọ́po kò bá ti yí padà láti oṣù kan sí èkejì, ọ̀nà àbùjá wà láti mọ àpapọ̀ gbogbo rẹ̀. Bí ó bá yí padà pẹ́nrẹ́n lágbedeméjì, ọ̀nà náà já nìyẹn, àfi kí a gé ìlà náà sí méjì, kí a ṣírò apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ẹ wá wo iye tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ. ₦1,024,000 ló wà ní ìdí ìlà yẹn, owó oṣù kejìlá nìkan. Mo gbà pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ohun tó wà nínú kóló ló ń di ìlọ́po méjì, kì í ṣe ohun tí ẹ ń fi kún un. Bí ó bá jẹ́ kóló fúnra rẹ̀ ló ń di ìlọ́po méjì, ₦500 ni yóò wà níbẹ̀ lóṣù kìíní. Lóṣù kejì ẹ ó fi ₦500 kún un kó lè di ₦1,000. Lóṣù kẹta ẹ ó fi ₦1,000 kún un kó lè di ₦2,000. Bí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé oṣù kejìlá, gbogbo ohun tí ẹ ó bá nínú kóló kò ní ju ₦1,024,000 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ sí mi kọ́ nìyẹn. Ní tiyín, owó tuntun tó ń wọlé ló ń di ìlọ́po méjì, èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ sì jókòó sí àyè rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta bá parí, ẹ̀yin ti ní 500 àti 1,000 àti 2,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,500, kóló ti ọ̀rẹ́ yín sì ṣì wà ní ₦2,000. Gbólóhùn kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ, "owó ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù", ṣùgbọ́n owó tí ẹ̀ ń sọ yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: owó wo? Ṣé èyí tó ti wà nílé ni, àbí èyí tó ń wọlé bọ̀?

Ti alájọ yín ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí pé àwọn tó mọ ìṣirò náà máa ń kó sí i. Ó dá mi lójú pé ohun tó ṣe nìyí: ó ro owó àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti ìkẹyìn, ó jẹ́ 1,024,500, ó pín in sí méjì, ó jẹ́ 512,250, ó sì sọ ọ́ di ọ̀nà méjìlá, ó jẹ́ ₦6,147,000. Òfin náà kì í ṣe irọ́. Ó tọ́ fún àjọ tí iye kan náà ń gun orí rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ẹ bá ń fi ₦500 kún ti oṣù tó kọjá, tó fi jẹ́ 500, 1,000, 1,500, 2,000 títí dé 6,000, ẹ mú ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, ó jẹ́ 6,500. Ẹ mú ìkejì àti èyí tó ṣáájú ìkẹyìn, 1,000 àti 5,500, ó tún jẹ́ 6,500. Ìsọ̀rí méjì méjì mẹ́fà ló wà, gbogbo wọn dọ́gba, àpapọ̀ sì jẹ́ ₦39,000. Ìdọ́gba yẹn ni òfin alájọ gbára lé. Ẹ wá dán an wò lórí tiyín: àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn jẹ́ 1,024,500, ìkejì àti ìkọkànlá jẹ́ 513,000, ìkẹta àti ìkẹwàá jẹ́ 258,000. Wọn ò dọ́gba, wọn ò sì súnmọ́ ìdọ́gba. Iye 512,250 tó mú bí ẹni pé ó wà láàárín, oṣù mọ́kànlá nínú oṣù méjìlá ni kò dé ibẹ̀.

Ó yá, ọ̀nà àbùjá. Bí ọpọ́n ayò bá wà nílé, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ pe ọmọ yín wá, torí mo fura pé ó mọ ìdáhùn ju bó ṣe mọ ìdí rẹ̀ lọ. Ihò méjìlá ló wà lórí ọpọ́n, bí oṣù tó wà nínú ọdún, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Ẹ kó gbogbo ọmọ ayò kúrò nínú ihò. Ẹ mú ọmọ ayò kan, kí ẹ fi í sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, kò sí nínú eré, ẹ kàn fi í síbẹ̀ ni. Ẹ wá fi 1 sí ihò kìíní. Èyí tó wà nílẹ̀ àti èyí tó wà nínú ihò, méjì ni wọ́n: iye tí ihò kejì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ fi 2 sí ihò kejì. Èyí tó wà nílẹ̀ àti gbogbo èyí tó wà lórí ọpọ́n ti di mẹ́rin: iye tí ihò kẹta ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ fi 4 síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ di mẹ́jọ, ihò kẹrin sì ń fẹ́ mẹ́jọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà, torí pé ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ àti lórí ọpọ́n lápapọ̀, ihò tó kàn á gba iye rẹ̀ gẹ́lẹ́, àpapọ̀ yóò sì tún di ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, ohun tó wà lórí ọpọ́n nígbà kígbà ni iye tí ihò tó kàn ń fẹ́, ẹ yọ ẹyọ kan tó wà nílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Àwa Yorùbá kò ṣe àjèjì sí irú ìkà bẹ́ẹ̀. A kì í ka ẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ìsàlẹ̀ wá. A lọ bá ogún, a sì mú márùn-ún kúrò. Báyìí náà ni ẹ ó ṣe ka kóló yín: ẹ má ro ó pọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ lọ bá oṣù tó kàn, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́. Ká ní ọdún ní oṣù kẹtàlá, ₦2,048,000 ni ẹ ò bá fi síbẹ̀. Ẹ yọ ₦500 tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kúrò, ó ku ₦2,047,500. Kò sí àròpọ̀ kankan tí a ṣe.

Ẹ má tíì kó ọpọ́n kúrò, ohun kan ṣì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí. Ẹ ti fi 1, 2, 4, 8 sí i, ẹ fi 16 sí ihò karùn-ún. Ọmọ ayò 31 ló wà lórí ọpọ́n, ọ̀kan wà nílẹ̀, ó ku 16 lọ́wọ́ yín. Ihò kẹfà ń fẹ́ 32. Ọmọ ayò ti tán, ẹ ò sì tíì dé ìdajì ọpọ́n. Láti kún ihò méjìlá, 4,095 ọmọ ayò ni ẹ máa wá, ìyẹn ju ọmọ ayò inú ọpọ́n márùndínláàádọ́rùn-ún lọ.

Ìlọ́po méjì ló mú kí ọ̀rọ̀ rọrùn tó báyìí. Bí ìlọ́po bá jẹ́ iye mìíràn, ìgbésẹ̀ kan á kún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìlọ́po mẹ́ta ni, fún oṣù mẹ́rin péré: 500, 1,500, 4,500, 13,500. Ẹ kọ ìlà náà sórí ìwé. Ẹ wá kọ ìlà kejì sábẹ́ rẹ̀, nínú èyí tí ẹ ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́ta: 1,500, 4,500, 13,500, 40,500. Ẹ rí i pé ìlà kejì kàn sún síwájú lẹ́sẹ̀ kan ni. 1,500 wà lókè ó wà nísàlẹ̀, 4,500 bẹ́ẹ̀, 13,500 bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìlà òkè kúrò nínú ti ìsàlẹ̀, gbogbo àwọn tó jọra yóò pa ara wọn rẹ́, 40,500 nìkan ló máa ṣẹ́kù nísàlẹ̀, 500 nìkan ló sì máa ṣẹ́kù lókè tí a ní láti yọ. 40,000 ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìlà ìsàlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ tí à ń wá. Ìgbà mẹ́ta, ẹ yọ ìgbà kan, ó ku ìgbà méjì. 40,000 yìí, ìgbà méjì àpapọ̀ ni. Ẹ pín in sí méjì, ₦20,000. Ẹ ro ti òkè pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́.

Nígbà tí ìlọ́po jẹ́ 2, ìgbà méjì ẹ yọ ìgbà kan, ìgbà kan ló kù, kò sí ohun tí a fẹ́ pín. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ́ ti ìlọ́po méjì lórí fi máa ń gbàgbé pípín nígbà tó bá bọ́ sórí ìlọ́po mìíràn. Bí ọmọ yín ṣe máa kọ ọ́ ní kíláàsì nìyí, níbi tí lẹ́tà a ti jẹ́ owó ìbẹ̀rẹ̀, r jẹ́ ìlọ́po, n jẹ́ iye oṣù, S sì jẹ́ àpapọ̀:

```
S = a(r^n − 1) / (r − 1)
```

r^n ni pé kí ẹ fi ìlọ́po náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí yóò fi pé iye oṣù. Bí r bá jẹ́ 1, ìyẹn ni pé iye kan náà ni ẹ̀ ń fi sí i lóṣooṣù, òfin yìí kò wúlò, torí pé 0 ló máa wà nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi 0 pín nǹkan. Ẹ kàn sọ owó náà di ọ̀nà iye oṣù, ó parí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé, ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí náà sì ni a ti rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kan tó lọ́jọ́ lórí. Akọ̀wé ará Íjíbítì kan tó ń jẹ́ Ámósì da ìwé ìṣirò kan kọ sórí pápírọ́sì ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù, ìwé náà sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Nínú rẹ̀ ni ìṣirò kan wà tó ní ilé 7, ológbò 49, eku 343, ṣírí ọkà 2,401, àti òṣùwọ̀n ọkà 16,807, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 19,607. Ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 7. Ọ̀nà méjì ló fi ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní apá kan ó rò wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní apá kejì ó mú 2,801, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 5,602, ó tún sọ ìyẹn di ìlọ́po méjì, 11,204, ó sì ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó bọ́ sí 19,607 kan náà. Ẹ fi òfin tó wà lókè dán an wò: 16,807 lọ́nà 7 jẹ́ 117,649; ẹ yọ 7, ẹ fi 6 pín in.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọjà Ọba. Ìṣirò ọmọ yín pé, ṣùgbọ́n kò sọ fún yín ibi tí mílíọ̀nù méjì náà ti máa wá, ohun tó sì ń dùn mí lọ́kàn nípa àjọ yìí nìyẹn. Kò sí èrè nínú ₦2,047,500. Kóló kì í bímọ. Gbogbo kọ́bọ̀ inú rẹ̀, ọwọ́ yín ló ti wá, oṣù kejìlá nìkan sì máa béèrè ₦1,024,000, èyí tó ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ rí lórí ọpọ́n ayò nìyẹn: ihò tuntun kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ju gbogbo ihò tó ti ṣáájú rẹ̀ lápapọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú yìí, àwa olùkọ́ mẹ́rin fẹnu kò pé ká máa fi owó pamọ́ báyìí, ₦200 lóṣù àkọ́kọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi gan-an ni mo ṣírò rẹ̀ sójú pátákó: ₦819,000 fún ẹnì kan lópin ọdún. Gbogbo wa wo iye yẹn, inú wa dùn, kò sẹ́ni tó wo ohun tó wà láàárín. Oṣù kẹrin, ₦1,600, ó rọrùn. Oṣù kẹfà, ₦6,400, ẹni méjì ti ń sọ pé ká sún un síwájú. Oṣù keje, ₦12,800. Lóṣù kẹjọ, ₦25,600 ló kàn, gbogbo ohun tí ẹni tí kò tíì fà sẹ́yìn ní nínú àpò kò sì ju ₦25,400 lọ. Oṣù keje la dúró sí. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú irú àjọ yìí wá fún mi wò, owó oṣù ìkẹyìn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣírò, lẹ́yìn náà ni mo ń ṣírò àpapọ̀.

Ẹ bi ara yín léèrè: èló ló pọ̀ jù tí mo lè yọ lóṣù kan láìfọwọ́ kan owó ọjà? N kò mọ ìdáhùn yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi ₦15,000 ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá fi ₦500 bẹ̀rẹ̀, tó ń di ìlọ́po méjì, oṣù karùn-ún, ₦8,000, ni ẹ máa lè san gbẹ̀yìn, torí pé oṣù kẹfà ti di ₦16,000. Gbogbo ohun tó máa wà nínú kóló yóò jẹ́ ₦15,500, ọdún ò sì tíì pé ìdajì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ₦5,000 bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ti oṣù tó kọjá kún un, ìlọ́po yín jẹ́ 1.1. Owó oṣù kejìlá á jẹ́ nǹkan bí ₦14,266, àpapọ̀ á sì jẹ́ nǹkan bí ₦106,921.

Ẹ lè ṣe 1.1 yìí lórí fóònù láìtẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjìlá. Ẹ fi 1.1 sọ 1.1 di púpọ̀, ó jẹ́ 1.21, ti oṣù 2 nìyẹn. Ẹ fi 1.21 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó jẹ́ 1.4641, ti oṣù 4. Ẹ fi ìyẹn náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó jẹ́ 2.14358881, ti oṣù 8. Méjìlá jẹ́ mẹ́jọ àti mẹ́rin, nítorí náà ẹ fi 1.4641 sọ 2.14358881 di púpọ̀, yóò jẹ́ 3.1384 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yọ 1, ó ku 2.1384. Ẹ fi ₦5,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí ₦10,692. Ibí yìí ni ẹni tó gbàgbé pípín máa ń dúró sí, tó sì máa ń rò pé òun ti dé ilé. Ìlọ́po yọ 1 jẹ́ 0.1, ẹ fi 0.1 pín in, ìyẹn ló sọ ọ́ di nǹkan bí ₦106,921.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mú àṣìṣe méjì mìíràn tó wọ́pọ̀ láìpe tíṣà. Àpapọ̀ kò lè kéré sí owó oṣù ìkẹyìn, torí pé owó oṣù ìkẹyìn wà nínú rẹ̀. ₦10,692 tí a kọ́kọ́ rí kò tó ₦14,266, nítorí náà nǹkan kan ti fò. Àṣìṣe kejì ni kíkà oṣù. Owó oṣù kejìlá yín ni 500 tí a fi 2 sọ di púpọ̀ nígbà mọ́kànlá, torí pé oṣù kìíní kò tíì ní ìlọ́po kankan lórí. Ṣùgbọ́n nínú òfin àpapọ̀, méjìlá ni ẹ ó lò. Ọmọ ilé ìwé tó bá lo mọ́kànlá níbẹ̀ á bọ́ sí ₦1,023,500. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ₦1,024,000 ti oṣù kejìlá, kò tó o. Àṣìṣe ti hàn.

Bí oṣù kan bá wá yẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé lóṣù karùn-ún ara ò yá, ẹ ò fi nǹkan kan sí i. Bí ẹ bá fi ₦16,000 ti oṣù kẹfà sí i lóṣù kẹfà bó ṣe yẹ, ₦8,000 péré ni ẹ pàdánù, òun náà ni ẹ ó yọ kúrò nínú àpapọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé ibi tí ẹ dúró sí ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ fi ₦8,000 sí i lóṣù kẹfà, oṣù mọ́kànlá ni àjọ yín di yìí, àpapọ̀ á já sí ₦1,023,500, ó sì ti dín ní ìdajì. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn: bí ẹ bá sún ìlà náà síwájú ní oṣù kan, ibi yòówù kí ẹ ti sún un, owó oṣù ìkẹyìn ni ẹ gé kúrò. Lórí ìlọ́po 1.1, irú ìsúnsíwájú bẹ́ẹ̀ á mú ₦14,266 lọ nínú ₦106,921. Ó dunni, ṣùgbọ́n kò wó ilé.

N kò ní sọ fún yín pé ìlọ́po 1.1 ló dára jù. Ẹni tó lè fi ₦9,000 sílẹ̀ lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, ₦108,000 ni yóò ní, ó sì ju tiwa lọ díẹ̀ láìsí wàhálà ìṣirò. Owó tó ń ga báyìí wúlò fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó sì mọ̀ pé ọjà á máa gbèrú títí ọdún á fi parí. Ọjà àdìrẹ ní Òṣogbo kò sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó máa ń gbóná nínú oṣù kẹjọ nígbà tí àlejò bá ya wọ ìlú fún ọdún Ọ̀ṣun, á sì tún rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìlọ́po kò sì mọ ìyẹn. Lórí ìlọ́po 1.1, oṣù kẹjọ á béèrè nǹkan bí ₦9,744 nígbà tí owó pọ̀ lọ́wọ́ yín, oṣù kẹsàn-án á sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí kò pọ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá máa san ti oṣù kẹsàn-án mọ́ ti oṣù kẹjọ, kí n tó ná owó ọdún tán. Àpapọ̀ kò ní yí padà, torí pé òfin náà kò bìkítà ọjọ́ tí owó wọlé, iye rẹ̀ ló ń kà. Kò sì mọ ohun tí owó náà á lè rà nígbà tí ọdún bá parí. Náírà ló kà, kò ka ọjà.

Bí ẹ bá ti mọ iye tí ẹ ń lépa, ẹ lè ti ẹ̀yìn bọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ ₦150,000 lópin ọdún lórí ìlọ́po 1.1. Ẹ fi 0.1 sọ 150,000 di púpọ̀, ó jẹ́ 15,000. Ẹ fi 2.1384 pín in. ₦7,015 ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó ra kóló, ẹ fi 2.8531, tó jẹ́ 1.1 nígbà mọ́kànlá, sọ 7,015 di púpọ̀: oṣù kejìlá á fẹ́ nǹkan bí ₦20,015. Bí ẹ bá rí i pé ìyẹn ju agbára yín lọ nínú oṣù tí ọdún Kérésì wà, tí owó ilé ìwé sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dín ₦150,000 náà kù, kí ẹ tún un ṣírò.